Àgbàdo inú òjò l'Abẹ́òkúta: ọ̀nà tí afilatọ́sìn ń gbà láti inú àpò dé ẹ̀dọ̀ adìyẹ

Láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, àgbàdo tuntun a máa ya wọ Abẹ́òkúta láti Ọ̀dẹ̀dá, Ọṣíẹ̀lẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí ìlú ká. Owó rẹ̀ a máa rọjú, àwọn tó ń sin adìyẹ tí wọ́n sì ń lọ fíìdì fúnra wọn á wá sáré kó o jọ kí owó tó tún gbéra. Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹyin á máa dín, bùróílà á jẹun títí kò ní tẹ̀wọ̀n, lúkúlúkú á wọlé bá agbo tí wọ́n ti fún ní àjẹsára. Àwọn kan á dá ẹni tó ta òròmọdìyẹ lẹ́bi, àwọn kan á ní ayédèrú ni àjẹsára, àwọn mìíràn á gba ọ̀dọ̀ oníọlọ lọ bá a jà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú àpò àgbàdo ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Olú kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe irú olú tí à ń ká nínú oko wá fi se ọbẹ̀ o. Èyí máa ń hù bí eruku aláwọ̀ ewé lára ọkà tó bá bu, nígbà mìíràn àwọ̀ rẹ̀ á fà sí ti ìyeyè. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Asipẹjílọ́ọ̀sì fuláfọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e gun ṣùkù àgbàdo lórí ìdúró, kòkòrò tó bá sì gbẹ́ ihò sí ara ọmọ àgbàdo ti ṣílẹ̀kùn fún un. Olú náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa adìyẹ. Májèlé tó ń tú sínú ọkà níbi tó ti ń jẹ ẹ́ ni afilatọ́sìn, èyí tó sì burú jù nínú oríṣi rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní B1.

Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i. Tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó mọ àrùn tó ń pa wọ́n, títí wọ́n fi tọpa rẹ̀ dé inú kéèkì ẹ̀pà tí wọ́n kó wọlé láti Bùràsíìlì láti fi po oúnjẹ wọn. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ilé ẹran abìyẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Olú yìí kò lè rí nǹkan kan ṣe sí àgbàdo gbígbẹ. Omi ló ń wá, ó sì ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 25 sí 35 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ti ooru yẹn, a kò ní ọgbọ́n kankan sí i, nítorí bí Abẹ́òkúta ṣe rí nìyẹn lójoojúmọ́. Omi nìkan ló kù tí a lè fọwọ́ sí. Bí omi inú àgbàdo bá jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, olú náà á sùn síbẹ̀. Bó bá ti kọjá 14, oríṣiríṣi olú mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jí, wọ́n á máa mí, èémí wọn á sì máa fi ooru àti omi kún inú àpò. Bó bá wá dé 17 tàbí 18, Asipẹjílọ́ọ̀sì fuláfọ́ọ̀sì ti rí àyè rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ sì tó fún un láti tú májèlé. Ẹ̀pà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí òróró inú rẹ̀: 7 sí 8 ni kó máa wà.

Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó lórí ìdúró ní omi tó tó ìdá 30 nínú. Àgbẹ̀ a fi í sílẹ̀ lóko kó gbẹ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àgbàdo tí a gbìn ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, inú òjò ni gbígbẹ rẹ̀ bọ́ sí. Tí wọ́n bá fi máa ya á, tí wọ́n sì fi máa pa á, omi inú rẹ̀ lè máa lọ bíi 18 sí 22. Ti oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọyẹ́ á ti bá wa gbẹ ẹ́ kó tó délé. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo kan náà, láti oko kan náà, fi lè jẹ́ oúnjẹ ní oṣù Kejìlá kó sì di wàhálà ní oṣù Kẹjọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Àgbàdo àti afẹ́fẹ́ jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ omi ni. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 70, àgbàdo kò ní gbẹ ju bíi 13 sí 14 lọ, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Bí ọ̀rinrin náà bá wà ní 85, àgbàdo á dúró sí bíi 17 tàbí 18, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ kùtù oṣù Kẹjọ, tàbí lẹ́yìn tí òjò bá dá, afẹ́fẹ́ tiwa níbí a máa kọjá 85 dáadáa. Nítorí náà, ẹni tó bá tú àgbàdo síta ní aago méje àárọ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣì ní ìrì, omi ló ń bù fún un. Àgbàdo tó sì ti gbẹ dé 13, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ gbayawu nínú stọ́ọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà òjò, yóò tún mu omi padà.

Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni orí ìrà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá ní mítà ọ̀rinrin, ìgò kọfí kan àti iyọ̀ tó. Ẹ fọ ìgò onídérí náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ táútáú. Ẹ da iyọ̀ sínú páànù lórí iná kékeré títí yóò fi máa yọ̀ bí iyanrìn, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ẹ kọ́kọ́ mi iyọ̀ nìkan nínú ìgò náà: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, iyọ̀ tàbí ìgò ló tutù, ẹ tún un gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ da àgbàdo sí i kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lé e, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti kọjá 15. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sísàlẹ̀ tí ara ìgò mọ́, kò tó 15.

Ẹ kíyè sí i pé 15 ni ìgò yìí mọ̀, kò mọ 13. Àgbàdo tó bá yege níbẹ̀ ṣì fẹ́ oòrùn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i kó tó wọ àpò tí yóò pẹ́ nílẹ̀. Fífi eyín pa á, tó bá dún pàkà, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbójú lé. Ẹni tó ti ṣe é fún ogún ọdún lè mọ̀ ọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín 14 àti 16, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun kan tí ọwọ́ lè sọ fún yín láìsí irọ́ ni ooru. Ẹ ki apá bọ àárín àpò títí dé ìgúnpá. Bí inú ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ìta lọ, tí kì í sì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kúrò lóòrùn, nǹkan ti ń mí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀, nítorí owó tó rọjú ló ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Ká ní ẹ ra àpò mẹ́wàá, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 100, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 18. Nínú kílò 1,000 yẹn, 180 jẹ́ omi, 820 ni àgbàdo gan-an. Bí ẹ bá gbẹ ẹ́ dé 13, kílò 820 yẹn ni yóò di ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kù. Ẹ fi 0.87 pín 820, ẹ ó rí bíi 942.5. Kílò 57.5 ti fò lọ, ìyẹn ju ààbọ̀ àpò lọ. Bí àpò àgbàdo gbígbẹ bá jẹ́ ₦50,000 lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé èyí tó tutù yìí kò gbọdọ̀ ju bíi ₦47,100 lọ kí ẹ tó lè sọ pé ọgbọọgba ni. A kò tíì ka owó àwọn tí yóò sá a, tapólì, àti èyí tí ẹyẹ àti ewúrẹ́ yóò jẹ. Ẹni tó bá fi ₦1,000 péré dín owó fún yín lórí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, omi ló tà fún yín.

Bí ẹ bá ti wá rà á, má jẹ̀ẹ́ kó sùn nínú àpò mọ́jú. Ẹ tú u sórí tapólì tàbí kọnkéré tó mọ́. Orí erùpẹ̀ lásán kò dára, nítorí inú erùpẹ̀ ni olú náà ń gbé. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó má nípọn ju ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta tí a tò léra, kí ẹ sì máa rò ó ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan síra. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá tí ìrì ti gbẹ títí di aago mẹ́rin ni wákàtí tó níye. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ ká tapólì pọ̀ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó máa wá igbálẹ̀ kiri.

Àpáta tó pọ̀ ní ìlú yìí dára fún sísá nǹkan. Àwọn tó ń sá láfún ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó máa ń mú ooru sára, àgbàdo á sì tètè gbẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ wà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbá àgbàdo gbígbóná láti orí àpáta sínú àpò lọ́wọ́ kan náà, tí ẹ sì dì í, ooru náà á máa gbé ọ̀rinrin jáde lóru, ọ̀rinrin yẹn á bá ara àpò tó tutù pàdé, á sì di omi. Láàárọ̀, ẹ ó rí i pé àgbàdo tó wà lára àpò ti lẹ̀ mọ́ra wọn, nígbà tí àárín gbẹ. Ibẹ̀ ni bíbu á ti bẹ̀rẹ̀, lára àgbàdo tí ẹ gbẹ dáadáa. Ẹ kó o sábẹ́ òrùlé, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù tán kí ẹ tó dì í.

Bí òjò bá ń rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ọgbọ́n tí oòrùn lè dá. Ẹ tẹ́ àgbàdo náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ òrùlé, ẹ tan fáànù sí i bí iná bá wà, ẹ máa rò ó. Èyí kò ní gbẹ ẹ́ dé 13, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ooru kóra jọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra tọ́ọ̀nù bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà òjò, ẹ̀rọ ìgbẹ-ọkà ló yẹ kó wá lọ háyà. Bí kò bá sí, kó fi ìrà náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ti ìpamọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, bí àgbàdo bá ti gbẹ. Ẹ gbé àpò sórí pálẹ́ẹ̀tì, kí ó má fara kan ilẹ̀, nítorí kọnkéré a máa fa omi láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi àyè tó ààbọ̀ mítà sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri, kí èèyàn lè rìn yí i ká. Ẹ wo abẹ́ páànù òrùlé: ojú ihò ìṣó kan ṣoṣo tó ń jò tó láti ba àpò orí òkè jẹ́, olú á sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò tó ń lu àgbàdo náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdánù nìkan. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń mí, ooru àti omi èémí rẹ̀ á wá sọ ibì kan nínú àpò di tútù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ihò tó gbẹ́ jẹ́ ọ̀nà fún olú.

Àpò PICS ló dára jù fún èyí. Ó jẹ́ àpò hihun lóde, pẹ̀lú ọ̀rá nípọn méjì nínú, tí a ń so lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tán, wọ́n á kú, láìsí oògùn kankan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n di àgbàdo tútù sí i, kí wọ́n rò pé ọ̀rá á bá wọn tọ́jú rẹ̀. Àpò náà kì í gbẹ ọkà. Bí omi ṣe wọlé ló ṣe máa wà níbẹ̀, bí eku bá sì lu ihò bíńtín sí ọ̀rá, afẹ́fẹ́ á wọlé bá omi yẹn.

Fíìdì tí a ti lọ̀ tún rọrùn láti bàjẹ́ ju odindi àgbàdo lọ, nítorí èèpo tó ń dáàbò bò ó ti fọ́. Nígbà òjò, ẹ má lọ èyí tó ju ti ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ sì wo ìdí ọpọ́n ìjẹun adìyẹ, ní kọ́nà tí omi máa ń ta sí. Fíìdì tó ti gan síbẹ̀ bí amọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a wá ń da tuntun lé e lórí, lè jẹ́ gbogbo ibi tí májèlé ti ń wá, kí àgbàdo inú stọ́ọ̀ sì mọ́ lóòótọ́.

Ibì kan wà tí àṣà wa ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ṣa ẹ̀pà tàbí àgbàdo fún jíjẹ, èyí tó dúdú, tó hunjọ, tó bu, adìyẹ la máa ń da á sí, tàbí kí a tà á fún àwọn tó ń fún òróró. Lára ọmọ díẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn ni májèlé náà kóra jọ sí jù. Bí wọ́n bá fún òróró ẹ̀pà tán, inú kéèkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé ń ṣẹ́ kù sí, kéèkì yẹn ni GNC tó ń wọ fíìdì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àgbàdo tí wọ́n bó: èèpo àti ọlẹ̀ rẹ̀ máa ń ní májèlé ju ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. A ń fi ọgbọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ tiwa, a sì ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ síwájú adìyẹ.

Bí afilatọ́sìn bá ti wọ inú ọkà, kì í jáde mọ́. Iná ìdáná kò ràn án. Sísè, yíyan, àti ẹ̀rọ tó ń tẹ fíìdì di kóró kò gbóná tó láti tú u ká. Sísá a padà sóòrùn á pa olú, eruku aláwọ̀ ewé á gbọ̀n dànù, ojú àgbàdo á mọ́, májèlé á sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Nítorí náà, ojú kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Àgbàdo tó mọ́ lójú lè ní i, èyí tí olú funfun tàbí olómi-osùn hù lára rẹ̀ sì lè má ní afilatọ́sìn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ní májèlé mìíràn.

Ibí yìí ni àwọn ọjà méjì tí wọ́n ń tà fún wa ti máa ń da ara wọn rú. Èkínní ni oògùn tí kì í jẹ́ kí olú hù, irú èyí tí wọ́n fi ásíìdì pùrópíónìkì ṣe. Ó wúlò nínú fíìdì tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan sí májèlé tó ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Èkejì ni tọ́sìn báíndà. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńtónáìtì, kílò 2 sí 5 nínú tọ́ọ̀nù fíìdì kan. Nínú ìfun adìyẹ, afilatọ́sìn á wọ àárín ìpele amọ̀ náà, á há síbẹ̀, á sì bá ìgbẹ́ jáde kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń dì mú kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ di májèlé àwọn olú mìíràn mú. Bí ẹ bá wá rọ́ ọ sí i jù, amọ̀ lásán lẹ fi rọ́pò oúnjẹ. Báíndà wà fún ìwọ̀nba tí a kò rí. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ra àgbàdo tó ti bu.

Ẹ̀dọ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń bá májèlé wọ̀yá nínú ara adìyẹ, ẹ̀dọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Bó ṣe ń gbìyànjú láti tú B1 palẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó tún burú sí i, tó ń lẹ̀ mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rá tó ń di pupa ẹyin ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ á pò ó pọ̀ mọ́ èròjà amúaradàgbà, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí ilé ẹyin. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá lè pò ó mọ́, ọ̀rá náà á jókòó síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ á wú, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Ẹyin á kéré, á sì dín. Kì í hàn lọ́jọ́ kejì, nítorí àwọn pupa ẹyin tó ti wà lójú ọ̀nà á ṣì jáde. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi so ẹyin tó dín lónìí mọ́ àgbàdo tó ṣí ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, tí àpò rẹ̀ ti tán.

Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Adìyẹ tó ń jẹ afilatọ́sìn, bí ọwọ́ bá kàn fà á díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un, ara rẹ̀ á dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Àwọ̀ ẹsẹ̀ àti ogbe rẹ̀ á ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo pupa ló ń jẹ. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó ń náni lówó jù ni ti àjẹsára. Òkè ihò ìdí òròmọdìyẹ ní àpò kékeré kan tó dà bí ọmọ àjàrà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Afilatọ́sìn a máa mú kí àpò yìí súnkì. Ẹ lè wá fún un ní àjẹsára Gọ́ńbórò tàbí lúkúlúkú lákòókò, láti inú fìríìjì tó tutù dáadáa, kí ara rẹ̀ má lè dá a lóhùn. Àjẹsára kò ní ẹ̀bi, ẹni tó fún un kò ní ẹ̀bi.

Bí adìyẹ bá kú, ẹ má sọ ọ́ nù kẹ́ ẹ tó là á, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB kí wọ́n bá yín là á. Ẹ̀dọ̀ tó dára dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó fà sí àwọ̀ igi, etí rẹ̀ sì tinrín. Èyí tí afilatọ́sìn bá mú á pọ́n bí ìyeyè, á wú, etí rẹ̀ róbótó, àmì ẹ̀jẹ̀ tótòtó lè wà lára rẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Ọ̀bẹ tí ẹ fi gé e á ní ọ̀rá lára. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń ṣini lọ́nà. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní ẹ̀dọ̀ tó pọ́n nípa ti ẹ̀dá, nítorí pupa ẹyin tó gbé wá sáyé. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe àrùn. Adìyẹ ẹlẹ́yin tó sanra jù, tó ń jẹ oúnjẹ tó lágbára jù nínú kéèjì, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ náà lè pọ́n kó sì fọ́, láìsí afilatọ́sìn kankan. Nítorí náà ẹ̀dọ̀ ń fura ni, fíìdì ló ń jẹ́rìí.

Láti yẹ fíìdì tàbí àgbàdo wò, bí ẹ ṣe bu u ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Májèlé yìí kì í tàn káàkiri bọ́gbọ́gba. Ọmọ àgbàdo kan lè rù ú bí ẹrù, kí ọgọ́rùn-ún tó yí i ká mọ́ tónítóní. Ìkúnwọ́ kan láti orí àpò kan kò sọ nǹkan kan fún yín. Nínú àpò mẹ́wàá, ẹ bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò kọ̀ọ̀kan, ìkúnwọ́ ńlá kọ̀ọ̀kan, kó tó kílò mẹ́ta sí márùn-ún lápapọ̀. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀, ẹ pò ó, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ da ìdá méjì tó kọjú síra nù, ẹ tún pò ó, títí yóò fi ku ààbọ̀ kílò. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ.

Èsì á wá ní ppb. 1 ppb túmọ̀ sí mílígíráàmù 1 nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí èsì bá jẹ́ 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwúwo ọmọ ìrẹsì kan ṣoṣo nínú àpò mẹ́wàá. Òfin Amẹ́ríkà fi 20 sílẹ̀ fún oúnjẹ òròmọdìyẹ, 100 fún adìyẹ tó dàgbà. Ti Yúróòpù fi 20 sí fún adìyẹ àgbà. Lójú tèmi, ẹ mú 20 fún gbogbo wọn, nítorí 100 kò ka ti àjẹsára àti àwọn àrùn tó ń rìn kiri lágbègbè wa sí.

Ẹ tún ṣírò èyí wò. Nínú tọ́ọ̀nù fíìdì ẹlẹ́yin kan, àgbàdo jẹ́ kílò 550, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 30 ppb. Ìyẹn jẹ́ mílígíráàmù 16.5. GNC jẹ́ kílò 100, èsì rẹ̀ jẹ́ 80 ppb, ìyẹn 8. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 24.5 nínú tọ́ọ̀nù. Ohun tí àgbàdo nìkan kó wọ inú fíìdì náà kò kọjá 20, ti GNC nìkan kò kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé nínú ọlọ, wọ́n kọjá. Bí a bá fi sóyà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tó mọ́, rọ́pò GNC yẹn, fíìdì náà á padà sí 16.5. Ẹni tó ń bá oníọlọ jà lórí àgbàdo nìkan lè má béèrè ohun tó wà nínú GNC rárá.

Ní oko, ohun kan wà tó ń dín in kù kó tó kúrò lórí ìdúró. Àjọ IITA n'Ìbàdàn ló ṣe é, Afilaséèfù ni wọ́n ń pè é, NAFDAC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014. Ọkà bàbà ni, tí wọ́n fi olú kan náà bò lára, ṣùgbọ́n irú ẹ̀yà rẹ̀ tí kò lè tú májèlé. Wọ́n á fọ́n kílò 10 sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, á sì gbapò lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà tó ń tú u. Àgbàdo irú oko bẹ́ẹ̀ tọ́ sí kí a wá a kiri, ṣùgbọ́n bó bá dé stọ́ọ̀ pẹ̀lú omi 18, àwọn olú mìíràn á ṣì bà á jẹ́.

Bí èsì bá ti wá fi hàn pé fíìdì tó wà nílẹ̀ kọjá, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, ẹ fọ ọpọ́n ìjẹun, ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Adìyẹ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ jù á padà bọ̀ sípò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni májèlé yìí tó ń kọjá sínú ẹyin, ó sì máa ń kúrò níbẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí fíìdì bá yí padà. Èyí tó ń dúró sínú ẹ̀dọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí ẹ pa láàárín ìgbà yẹn. Fíìdì tí ẹ dá dúró náà, ẹ má ṣe kó o fún pẹ́pẹ́yẹ tàbí tòlótòló: ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ló tètè ń kú sí i jù nínú gbogbo ẹran abìyẹ́, tòlótòló ló tẹ̀ lé e. Ẹ má sì fi ro oúnjẹ fún ajá tó ń ṣọ́ ilé adìyẹ, nítorí ẹ̀dọ̀ ajá náà kò lè gbà á.